Ìlà Tí Kò Sí Nínú Ìṣirò Owó

Bí ìwé ìbéèrè fún owó ìrànwọ́ bá tẹ̀ mí lọ́wọ́, n kì í bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ ìtàn sí: àwọn obìnrin tó ń rin ọ̀nà jíjìn lọ pọn omi odò, àwọn ọmọ tí kò ráàyè lọ sílé ìwé nítorí omi. Òótọ́ ni púpọ̀ nínú ìtàn wọ̀nyí, mo sì ti fi ojú ara mi rí i. Ṣùgbọ́n ìtàn kì í sọ fún mi bóyá iṣẹ́ náà yóò ṣeé ṣe. Ìṣirò owó ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí, lẹ́yìn rẹ̀ àtẹ àkókò. N óò tẹ méjèèjì sórí bébà, n óò sì tẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Lórí bébà kẹta ni mo máa ń fi ọwọ́ ara mi kọ àwọn àbájáde tí wọ́n ṣèlérí, ìyẹn àwọn ohun tí wọ́n ní yóò yí padà nínú ayé àwọn ará abúlé. Lẹ́yìn náà ni n óò mú ìlérí kọ̀ọ̀kan, n óò wá ìlà tó san owó rẹ̀ nínú ìṣirò, n óò sì wá oṣù tí wọn yóò ṣe é nínú àtẹ àkókò. Èyí tí kò bá ní ìlà tí kò sì ní oṣù, àdúrà ni. Mo máa ń ṣe àmín sí i, ṣùgbọ́n n kì í fi owó ẹlòmíràn sí i.

Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ omi ní òkè Ọya, kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní báyìí, mo wà nínú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún kan tó ń pàdé ní Àbújá ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún láti yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò. Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá àjọ tó kọ ọ́ mọ̀, àmọ́ bí ìṣòro náà ṣe rí gan-an ni mo fi sílẹ̀.

Àjọ kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Báúṣì ló kọ ọ́. Mílíọ̀nù 60 náírà ni wọ́n ń béèrè, láti gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ, èyí tí a mọ̀ sí bọ́hòlù, sí abúlé 12, kí wọ́n sì fi pọ́ǹpù afọwọ́fà sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oṣù 12 ni iṣẹ́ náà yóò gbà, láti oṣù Keje ọdún 2025. Àbájáde mẹ́ta ni wọ́n ṣèlérí. Èkíní, ènìyàn 6,000 yóò ní omi tó mọ́. Èkejì, ìgbẹ́ gbuuru láàárín àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún yóò dín kù ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀kẹta, àwọn ìgbìmọ̀ omi abúlé yóò máa tọ́jú pọ́ǹpù, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì ṣì máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọdún méjì.

Ìlà mẹ́fà péré ni ìṣirò owó wọn ní. Kànga 12 ní mílíọ̀nù 3.2 lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ mílíọ̀nù 38.4. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ìgbìmọ̀ abúlé, mílíọ̀nù 4.8. Owó oṣù òṣìṣẹ́ méjì, mílíọ̀nù 6. Ìpàdé àti ìrìnnà, mílíọ̀nù 7.2. Àbẹ̀wò iṣẹ́, mílíọ̀nù 1.2. Àkóso ọ́fíìsì, mílíọ̀nù 2.4. Bí ẹ bá rò ó pọ̀, 60 ni yóò fún yín láìku ẹyọ kan. Ó pé, kò sí àṣìṣe ìṣirò níbẹ̀. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa a máa dúró níbẹ̀, wọn a ní ìṣirò náà mọ́. Kí àròpọ̀ pé yàtọ̀ sí kí owó tó.

Kànga ni mo kọ́kọ́ wò, torí ibẹ̀ ni owó pọ̀ sí. Wọ́n fi ìwé iye-owó agbẹ́kànga ti ìbéèrè wọn lẹ́yìn, èyí sì dára, nítorí ọ̀pọ̀ ni kì í fi nǹkan kan sí i. Ìwé náà to iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́: ìwádìí abẹ́ ilẹ̀, 150,000, ìgbẹ́lẹ̀ àti páìpù inú rẹ̀, mílíọ̀nù 1.9, pọ́ǹpù, 700,000, ilẹ̀ kọnkéré àti ọ̀nà tí omi ìdànù yóò gbà, 250,000, fífa omi láti dán kànga wò, 200,000. Ó jẹ́ mílíọ̀nù 3.2 lóòótọ́. Àmọ́ ní ìsàlẹ̀ ìwé náà, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní, agbẹ́kànga kọ ọ́ pé ihò tí kò bá lómi, mílíọ̀nù 1.4 ni ẹni tó gbé iṣẹ́ fún òun yóò san lórí rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Báúṣì yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn fi ṣe pàtàkì. Àpáta líle ló wà lábẹ́ apá tó pọ̀ jù níbẹ̀. Omi kì í wà káàkiri nínú irú àpáta bẹ́ẹ̀. Inú ibi tí àpáta ti jẹrà nítòsí òkè, àti inú àwọn ibi tó ti sán nísàlẹ̀, ni omi ń fara pamọ́ sí. Bí ẹ bá gbẹ́lẹ̀ lórí ibi tó sán, ẹ ó rómi. Bí ẹ bá fi ogún ìṣísẹ̀ tàsé rẹ̀, eruku ni yóò máa tú jáde títí tí owó yóò fi tán. Ìwádìí tí a ń fi iná mànàmáná ṣe sínú ilẹ̀ máa ń dín àṣìṣe kù, kò lè mú un kúrò pátápátá. Àjọ yìí pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ìjábọ̀ iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá tí wọ́n fi sí ẹ̀yìn ìwé, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ti gbẹ́ ihò mẹ́wàá rí ní agbègbè kan náà, méje nínú rẹ̀ ló lómi.

Bí méje nínú mẹ́wàá bá jẹ́ ìṣe ilẹ̀ yẹn, ẹni tó fẹ́ kànga 12 tó lómi yóò gbẹ́ tó ihò 17. Márùn-ún yóò gbẹ fúrúfúrú. Márùn-ún ní mílíọ̀nù 1.4 jẹ́ mílíọ̀nù 7. Níbo ni mílíọ̀nù 7 yìí wà nínú ìlà mẹ́fà náà? Kò sí níbì kankan. Ẹ má rò pé owó tí kò sí yìí yóò kàn di gbèsè lásán. Mo mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀, nítorí mo ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ agbẹ́kànga lọ́jọ́ tó ń ṣẹlẹ̀. Tí ihò kẹta bá ti gbẹ, tí owó sì ti ń tán, ìdúnàádúrà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ihò kẹrin a yọ omi díẹ̀, bí ẹni pé ó ń làágùn, gbogbo wọn a sì gbà pé ó tó. Wọ́n á gbé pọ́ǹpù lé e, wọ́n á ya fọ́tò. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ìyá tó gbé korobá wá á fa pọ́ǹpù náà ní ìgbà ogójì kí omi tó kún ìdajì korobá, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì a padà sí odò. Nínú ìjábọ̀, kànga náà ṣì wà lára 12.

Agbẹ́kànga tún kọ ọ́ pé iye-owó òun dúró fún 30 ọjọ́ péré, oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni ó sì kọ ìwé náà. Páìpù àti pọ́ǹpù ń ti òkè òkun wá, dísù sì ni ẹ̀rọ agbẹ́kànga ń jẹ. Ẹnikẹ́ni tó ra nǹkan ní Nàìjíríà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí dọ́là kúrò ní nǹkan bí 470 náírà tó sì kọjá 700 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mọ ohun tí oṣù mẹ́jọ lè ṣe sí iye-owó. Kò sí ìlà kan fún ìyẹn náà.

Mo wá mú ènìyàn 6,000 náà. Wọ́n pín in báyìí: ènìyàn 500 sí kànga kọ̀ọ̀kan. Iye yìí kò ti inú afẹ́fẹ́ wá. Àwọn tó ń ṣètò omi fún àwọn tí ogun tàbí àgbàrá lé kúrò nílé a máa lò ó gẹ́gẹ́ bí iye tó pọ̀ jù lọ fún pọ́ǹpù afọwọ́fà kan. Ẹ jẹ́ ká rò ó. Pọ́ǹpù tó dáa, tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ kó sinmi, lè yọ nǹkan bí lítà 17 ní ìṣẹ́jú kan. Ní wákàtí mẹ́jọ, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí lítà 8,160. Bí ènìyàn 500 bá pín in, lítà 16 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó tó láti mu àti láti se oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ìlànà omi tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2000 sọ pé lítà 30 ló yẹ kí ará abúlé kọ̀ọ̀kan rí lóòjọ́. Bí a bá fẹ́ 30, nǹkan bí ènìyàn 270 ni kànga kan lè gbọ́. Nítorí náà, 6,000 kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe òótọ́ pátápátá. Ohun tí mo béèrè ni pé kí wọ́n kọ lítà mélòó tí wọ́n ní lọ́kàn. Wọn kò kọ ọ́.

“Omi tó mọ́” ni wọ́n sì kọ. Ìwé agbẹ́kànga ní fífa omi láti mọ bí kànga ṣe ń sun tó; kò ní gbígbé omi lọ sí ilé ìwádìí láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń dán bíi dígí, kì í ṣe pé ó mọ́ nìyẹn. Ní Kàltúngò, ní ìpínlẹ̀ Gòmbè tó pààlà pẹ̀lú Báúṣì, fúlóráìdì inú omi ilẹ̀ ti pa eyín ọ̀pọ̀ ọmọ láwọ̀ dà, bẹ́ẹ̀ ojú lásán kò lè rí i. Mílígíráàmù 1.5 nínú lítà kan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe ààlà. Ẹni tó bá kọ “omi tó mọ́” sínú ìwé, tí kò sì ní ìlà fún ilé ìwádìí, ọ̀rọ̀ lásán ló kọ. Owó rẹ̀ kò sì pọ̀. A ṣírò rẹ̀ sí 120,000 lórí kànga kan.

Àtẹ àkókò ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi bínú. Oṣù Keje, wọn yóò tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, wọn yóò sì ṣe ìwádìí abẹ́ ilẹ̀. Oṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án, wọn yóò gbẹ́ kànga 12. Oṣù Kẹwàá, ayẹyẹ ìṣíde. Ó tò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí bébà, gbogbo àpótí ni wọ́n fi àwọ̀ ewé kùn. Àmọ́ òjò ni oṣù Kẹjọ ní Báúṣì. Ọkọ̀ tó ru ẹ̀rọ agbẹ́kànga wúwo gan-an, ojú ọ̀nà abúlé sì ti di ẹrẹ̀. Bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ kọjá, ọkà bàbà àti jéró ló dúró lójú oko láti etí ọ̀nà dé ibi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́. Ta ni yóò san owó ohun ọ̀gbìn tí táyà bá tẹ̀ pa?

Èyí tó burú jù kò hàn lórí bébà rárá. Omi inú ilẹ̀ máa ń gòkè pẹ̀lú òjò, a sì máa lọ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó bó ṣe máa ń ga. Kànga tí ẹ bá gbẹ́ tí ẹ sì dán wò lásìkò yẹn, yóò sun bí ẹni pé kò ní tán láé. Oṣù Kẹrin àti Kárùn-ún, nígbà tí omi ti fà lọ ìsàlẹ̀ pátápátá, ni ẹ ó tó mọ èyí tó jẹ́ kànga nínú wọn àti èyí tó jẹ́ ihò. Nítorí náà, ẹni tó mọṣẹ́ máa ń gbẹ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kárùn-ún, bí ó bá ṣeé ṣe. Àjọ náà kò yan oṣù Kẹjọ nítorí wọn kò mọ̀. Wọ́n yàn án nítorí pé oṣù Keje ni ìwé ìkéde wa sọ pé owó yóò jáde, oṣù 12 péré la sì fún wọn. Àwa la fi kàlẹ́ńdà wa lé òjò Báúṣì lórí.

Lórí ìgbẹ́ gbuuru, dókítà àgbà kan tó wà nínú ìgbìmọ̀ wa, ará Kàdúná, ló rí i kí n tó rí i. Ìlérí ni pé yóò dín kù ní ìdá 30. Ó béèrè pé, ìdá 30 nínú mélòó? Láti mọ̀, ẹ ní láti lọ sí ilé dé ilé, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá bóyá ọmọ rẹ̀ yàgbẹ́ gbuuru láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì padà wá béèrè ohun kan náà nígbà tó yá. Èyí gba òṣìṣẹ́, ọkọ̀, àti ọ̀pọ̀ ọjọ́. Mílíọ̀nù 1.2 tó wà fún àbẹ̀wò, ìrìn àjò ọkọ̀ 12 ní 100,000 lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Ó lè ya fọ́tò. Kò lè ka ọmọ. Nínú àtẹ àkókò, wọ́n fi “ìkójọ àkọsílẹ̀” sí oṣù Kẹjọ àti oṣù Kárùn-ún. Dókítà rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Oṣù Kẹjọ, àgbàrá ń wọ́ ìdọ̀tí sínú odò àti kànga. Oṣù Kárùn-ún, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Àìsàn inú kì í rí bákan náà ní ìgbà méjèèjì, yálà kànga wà tàbí kò sí. Bí iye náà bá lọ sílẹ̀, òjò ló lọ. Bí kò bá lọ sílẹ̀, wọ́n á ní kànga kò wúlò. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọdún kan wé òmíràn, oṣù kan náà ni kó ti kà á.

Dókítà tún fi kún un pé kànga nìkan kì í sábàá mú ìgbẹ́ gbuuru wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí omi tó mọ́ lẹ́nu pọ́ǹpù lè di ẹlẹ́gbin nínú ìkòkò ilé, níbi tí gbogbo ọwọ́ ti ń ki kọ́ọ̀pù bọ̀ ọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ ìkòkò tàbí ìwẹ̀wọ́ nínú ìwé náà. A gbà pé kí wọ́n yọ ìlérí yẹn kúrò pátápátá, kí wọ́n fi èyí tí wọ́n lè wọ̀n rọ́pò rẹ̀: ilé mélòó ló ń mu omi pọ́ǹpù, lítà mélòó lóòjọ́. Àwọn kan rò pé ìlérí ńlá ló ń mú owó wá. Lọ́dọ̀ mi, ìlérí kékeré tí ẹ lè kà dára ju èyí tó pọ̀ tí ẹ kò lè kà.

Ìlérí kẹta, pé pọ́ǹpù yóò ṣì máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọdún méjì, ní mílíọ̀nù 4.8 lẹ́yìn. Mo tú u wò: ènìyàn 10, ọjọ́ 2, abúlé 12, 20,000 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Abúlé ara wọn ni wọ́n ti máa jókòó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń fi 20,000 wọ ọkọ̀ lọ? Bẹ́ẹ̀, kò sí sípánà kan ṣoṣo nínú ìṣirò yẹn. Rọ́bà inú pọ́ǹpù a máa jẹ, ọ̀pá a máa já, ẹ sì nílò irin iṣẹ́ kan pàtó láti fa páìpù jáde. Ìgbìmọ̀ tó gba ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì, tí kò ní irin iṣẹ́, tí kò mọ ẹni tó ń ta rọ́bà, ìpàdé ni yóò máa ṣe yí pọ́ǹpù tó ti kú ká. Oṣù Kẹrin ni wọ́n sì fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà sí, oṣù méje lẹ́yìn tí pọ́ǹpù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ abúlé ló yẹ kó wà kí ẹ̀rọ agbẹ́kànga tó dé, kí wọ́n lè sọ ibi tí kànga yóò wà àti iye tí ilé kọ̀ọ̀kan yóò máa dá.

Ó ku mílíọ̀nù 7.2 fún “ìpàdé àti ìrìnnà”. 600,000 lóṣù kan, fún oṣù 12, láìsí àlàyé kankan. Bí iye kan bá rí roboto báyìí, nǹkan máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyáàfin aṣírò-owó wa, ọmọ ìhà Kàlàbá tí kì í fi ọ̀rọ̀ bò, ní olè ni. Èmi ní kí a kọ́kọ́ béèrè. Ìlànà wa gba ìgbìmọ̀ láyè láti pe àjọ kan lórí fóònù, bí akọ̀wé bá ń gbọ́. Hájíà tó ń darí àjọ náà ló gbé e.

“Ẹ kú iṣẹ́, Hájíà. A fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ìpàdé àti ìrìnnà yìí.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ọ̀gá, ṣé kí n sọ òótọ́? Owó ilé ọ́fíìsì wa ni, àti owó oṣù akáùǹtáǹtì, àti epo jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀yin lẹ ní àkóso ọ́fíìsì kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 10. Ọdún tó kọjá tí mo kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, ibòmíràn dá ìwé mi padà, wọ́n ní àjọ mi ń jẹ owó ju abúlé lọ. Nígbà tí mo kọ ìdá 4, gbogbo yín ló ń yìn mí.”

Mo bi í nípa ihò tí kò lómi.

“Tí mo bá kọ owó ihò gbígbẹ sí i, ẹ ó ní mi ò mọṣẹ́. Àjọ tó ń bá mi du owó yìí kò ní kọ ọ́. Kànga 12 ni wọ́n á kọ, tèmi á di mẹ́jọ. Èwo lẹ ó mú?”

N kò rí èsì fún un lórí fóònù. Ìbéèrè tó bá wa jà nínú yàrá ìpàdé ní ọ̀sán yẹn nìyẹn. Ìyáàfin aṣírò-owó ní a kò gbọdọ̀ san ẹ̀san fún ẹni tó fi owó pamọ́, ó sì ní ìdí. Dókítà ní bí a bá kọ̀ ọ́, ẹni tó tún fi pamọ́ jù ú lọ la ó fún. Ohun tí èmi dúró lé ni pé Hájíà ló fi ìjábọ̀ méje nínú mẹ́wàá ṣọwọ́ sí wa, nígbà tó lè dákẹ́. Nínú ìwé mẹ́rin tí a gbà lórí omi lásìkò yẹn, òun nìkan ló jẹ́wọ́ pé òun ti gbẹ́ ihò gbígbẹ rí. Àwọn yòókù, lórí ilẹ̀ àpáta kan náà, sọ pé gbogbo kànga àwọn ló lómi. Ta wá ni òpùrọ́?

A dá ìwé náà padà pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́jọ, a sì fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tó padà wá yàtọ̀. Mílíọ̀nù 38.4 ti kànga kò yí padà, àmọ́ ohun tó ń rà ti yí. Kànga mẹ́jọ tó lómi ní mílíọ̀nù 3.2 jẹ́ 25.6. Ihò gbígbẹ mẹ́rin ní mílíọ̀nù 1.4 jẹ́ 5.6. Wọ́n fi ìdá 20 lé àròpọ̀ méjèèjì fún iye-owó tó lè gòkè, ó jẹ́ 37.44. Owó ilé ìwádìí fún omi kànga mẹ́jọ gba 960,000 tó kù. Owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ sílẹ̀ sí 4,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, èyí tó tó fún oúnjẹ. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú mílíọ̀nù 4.8 di irin iṣẹ́, ẹ̀yà pọ́ǹpù, àti ẹ̀kọ́ fún mẹkáníìkì méjì tó ń gbé nítòsí. Mílíọ̀nù 4.2 jáde kúrò nínú “ìpàdé àti ìrìnnà” lọ sí àkóso ọ́fíìsì, tó fi di ìdá 11, a sì kọ̀wé sí àwọn olówó pé kí wọ́n fara mọ́ ìdá kan tó lé náà. Mílíọ̀nù 3 tó kù lọ sí kíka ilé dé ilé.

Iṣẹ́ náà wá di oṣù 18, láti oṣù Kẹwàá. Mo kọ́kọ́ wo owó oṣù, torí ibẹ̀ ni àtẹ àkókò tó bá gùn sí i ti máa ń já ìṣirò owó: òṣìṣẹ́ méjì fún oṣù 18 kò lè jẹ́ mílíọ̀nù 6 mọ́. Wọ́n ti rí i. Ẹnì kan yóò ṣe oṣù 18, ẹnì kejì yóò ṣe oṣù mẹ́fà tí ìmúrasílẹ̀ àti ìgbẹ́lẹ̀ gbà nìkan. Oṣù 24 ní 250,000, mílíọ̀nù 6 náà ni. Ìgbìmọ̀ abúlé ti wà ní oṣù Kọkànlá. Ìgbẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní, wọ́n sì fà á sẹ́yìn díẹ̀ fún ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Oṣù Kẹrin ni wọn yóò dán omi wò, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ jù. Ìdá 10 nínú owó agbẹ́kànga yóò wà lọ́wọ́ wọn títí di oṣù Kẹta ọdún 2027, kí pọ́ǹpù lè kọ́kọ́ rí àárín ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Oṣù Kọkànlá ni wọn yóò ka ilé, oṣù Kọkànlá ọdún kejì ni wọn yóò sì tún kà á.

A fọwọ́ sí i, mẹ́ta sí méjì. Ìyáàfin aṣírò-owó wà lára àwọn méjì tó kọ̀, kò sì tíì yí ohùn padà títí di òní.

Abúlé mẹ́rin ló já bọ́ láti ìwé àkọ́kọ́ sí èkejì. Orúkọ wọn ṣì wà nínú àtẹ àkókò tuntun, ní ìlà tó kẹ́yìn, oṣù Kejìlá: “Lọ bá àwọn baálẹ̀ abúlé mẹ́rin tí a kò lè gbẹ́ fún, kí a tó gbẹ́ ti ẹlòmíràn. Hájíà fúnra rẹ̀. Owó epo, 45,000.”